Ta Ló Ń Ṣe Kí Ni Lórí Pápá? Ipò Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Wò Ó

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ pápá èyíkéyìí kọjá ní Ìkòròdú láàárọ̀ Sátidé, ìbáà jẹ́ ní Ìgbógbò, ní Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí lọ́nà Ìmọ́tà, ariwo kan náà lẹ ó máa gbọ́: “Nọ́ńbà 2, padà! Nọ́ńbà 6, bò ó! Ẹ jáde, ẹ jáde!” Ó yé ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn rí ènìyàn 22 tí wọ́n ń sáré lé nǹkan róbótó kan, á sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àwọn kan ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni kejì yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ yín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àdúgbò, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ti ní kẹ́ ẹ wá kún iye lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé iṣẹ́ ni ipò kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà sì ní ojú méjì. Ojú kìíní ni ohun tí ẹni náà máa ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú kejì ni ohun tó máa ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ àwọn ẹlòmíì. Ẹni tó bá mọ ojú kan ṣoṣo kò tíì mọ ipò rẹ̀, bó ti wù kó lè fi bọ́ọ̀lù gé ènìyàn kọjá tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹ lọ dúró sẹ́yìn ilé

Ẹ̀gbẹ́ pápá, níbi ìlà àárín, ni gbogbo ènìyàn máa ń dúró sí. Ibẹ̀ dára fún àtipariwo, àmọ́ kò dára fún ẹni tó ń kọ́ ipò, torí pé láti ibẹ̀, ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti ẹni tó wà lápá òsì máa ń dà bíi pé wọ́n dúró sójú kan. Ẹ lọ sẹ́yìn ilé kan, ìyẹn ibi tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù wọ̀, kẹ́ ẹ yẹ̀ díẹ̀ sápá kan kí bọ́ọ̀lù má bàa gbá yín lójú. Láti ibẹ̀, gbogbo fífẹ̀ pápá á ṣí sílẹ̀ níwájú yín.

Ẹ wá dúró de ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde lẹ́yìn ilé tí aṣọ́lé sì fẹ́ gbé e kalẹ̀ gbá. Ìgbà yẹn ló dára jù láti kà wọ́n, torí pé eré dúró, olúkúlùkù á sì padà sí ààyè rẹ̀. Ẹ ka àwọn tó wà níwájú aṣọ́lé yẹn bọ̀ láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà mẹ́ta, ètò tí wọ́n ń pè ní 4-3-3 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, mẹ́rin àti méjì, 4-4-2 ni. Wọn kì í ka aṣọ́lé mọ́ ọn, torí pé gbogbo ẹgbẹ́ ló ní in. 4-3-3 ni màá fi ṣe àlàyé, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọdé ń lò lónìí, òun náà ló sì rọrùn jù láti tọ́ka sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi nọ́ńbà mọ iṣẹ́, ẹ má wo ẹ̀yìn aṣọ

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ipò ládùúgbò. Aṣọ́lé ni 1. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni 2, ẹ̀yìn lápá òsì ni 3, àwọn méjì tó wà láàárín ẹ̀yìn sì ni 4 àti 5. Láàárín pápá, 6 ló wà nísàlẹ̀, 8 àti 10 wà lókè rẹ̀. Níwájú, 7 wà lápá ọ̀tún, 11 lápá òsì, àwọn méjì yìí ni wọ́n ń pè ní wíńgà, 9 sì ni atamátàsé tó wà láàárín.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aṣọ lè yàtọ̀ pátápátá. Wilfred Ndidi ń wọ 4 fún Super Eagles, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ nọ́ńbà 6 ló ń ṣe. Ní àdúgbò ńkọ́, níbi tí wọ́n ti máa ń yá aṣọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, ẹ lè rí aṣọ́lé tó wọ 17. Torí náà, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá pariwo “Nọ́ńbà 6,” ẹni tó dúró níwájú àwọn ẹ̀yìn ló ń pè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Aṣọ́lé

Ilé tó pé ní ìwọ̀n fẹ̀ ní mítà 7.32, ó sì ga ní mítà 2.44. Kò sí ẹni tí apá rẹ̀ ká gbogbo ìyẹn, ìdí nìyẹn tí aṣọ́lé tó mọṣẹ́ kì í fi í dúró gbagidi sórí ìlà. Bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ níwájú, aṣọ́lé á sún síwájú láti pàdé rẹ̀, torí pé bó bá ṣe ń sún mọ́ ẹni náà ni àlàfo tó kù lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ ń dín kù. Èyí tó léwu ni kó jáde dé ìdajì ọ̀nà kó wá dúró. Kò mú bọ́ọ̀lù, kò sì sí nílé.

Inú àpótí ńlá tí wọ́n fi ìlà yí iwájú ilé ká, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éétíìnì, nìkan ló ti lè fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Àpótí náà wọ inú pápá ní mítà 16.5. Síbẹ̀, láti ọdún 1992, bí ará ilé rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù padà sí i, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ mú un. Ẹsẹ̀ ló máa lò. Ẹ máa wò ó lásìkò òjò nígbà tí omi bá dárogún sí ojú ilé: ẹni ẹ̀yìn á gbá bọ́ọ̀lù jẹ́ẹ́ sí aṣọ́lé, bọ́ọ̀lù á kú sínú omi lágbedeméjì, atamátàsé ẹgbẹ́ kejì á sì dé ibẹ̀ kó tó ta pútú. Bí pápá bá ti tutù, ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gbà, kí wọ́n yé gbá a padà sílé.

Aṣọ́lé nìkan ló ń rí gbogbo ènìyàn níwájú rẹ̀, nítorí náà ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Aṣọ́lé tí kì í sọ̀rọ̀ ti pa ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ tì, bó tilẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù mú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Nọ́ńbà 4 àti 5, àti ìlà tí a kì í rí

Ẹ jẹ́ ká fi 4 sápá ọ̀tún, ká fi 5 sápá òsì. Atamátàsé àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ń ṣọ́. Wọn kì í dìjọ lọ bá a. Ọ̀kan á sún mọ́ ọn, á fi ara tì í kó má lè yíjú sílé, èkejì á sún sẹ́yìn díẹ̀ láti mú bọ́ọ̀lù tó bá yọ kọjá. Bí ẹ bá rí i tí àwọn méjèèjì jọ fò láti fi orí kan bọ́ọ̀lù kan náà, wàhálà ti dé nìyẹn, torí pé bí bọ́ọ̀lù bá ré wọn kọjá, aṣọ́lé nìkan ló kù.

Iṣẹ́ tó le jù fún wọn ni títọ́jú ìlà. Òfin ọ́fúsáìdì la fi ń lóye rẹ̀, ó sì rọrùn ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń bú u lọ. Ìgbà tí ará ilé atamátàsé gbá bọ́ọ̀lù sí i ni ẹ máa wò, kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, bó bá wà nínú ìdajì pápá àwọn tó fẹ́ jẹ níyà, tó ti kọjá bọ́ọ̀lù, tó sì jẹ́ pé kò sí ju ẹnì kan ṣoṣo lọ nínú wọn láàárín òun àti ìlà ẹ̀yìn ilé, ó ti wọ ọ́fúsáìdì, bó bá sì dá sí eré, rẹfirí á fọn fèrè. Lọ́pọ̀ ìgbà, aṣọ́lé ni ẹnì kan ṣoṣo náà. Ẹni tó bá sì bá ẹni ẹ̀yìn tó kẹ́yìn dọ́gba kò tíì ṣẹ̀. Kò sí ọ́fúsáìdì bí bọ́ọ̀lù bá ti ọwọ́ ẹni tó jù ú wọlé láti ẹ̀gbẹ́ wá, tàbí láti kọ́nà, tàbí láti bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé kalẹ̀ gbá níwájú ilé.

Ohun tí ariwo “Ẹ jáde!” túmọ̀ sí nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá ti lọ síwájú, 4 àti 5 á kó gbogbo àwọn ẹ̀yìn sókè, kí àwọn atamátàsé tó bá fẹ́ jókòó síwájú ilé lè di ẹni tó wọ ọ́fúsáìdì. Àmọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jọ jáde. Bí mẹ́ta bá jáde tí ẹnì kan sì ń so okùn bàtà lẹ́yìn, ẹni yẹn ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹgbẹ́ kejì. Àwọn mẹ́ta tó jáde á nawọ́ sókè sí rẹfirí, wọ́n á máa retí fèrè tí kò ní dún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nọ́ńbà 2 àti 3

Láyé àtijọ́, ọmọ tí kò bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ni wọ́n máa ń sọ pé kó lọ gbá 2. Ìyẹn ti kọjá. Nínú gbogbo àwọn tó wà lórí pápá, àwọn méjì yìí wà lára àwọn tó ń sáré jù, nítorí pé gbogbo gígùn ẹ̀gbẹ́ pápá ni tiwọn.

Bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ àwọn ẹlòmíì, 2 ń ṣọ́ wíńgà apá òsì wọn, 3 sì ń ṣọ́ ti apá ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe ń dúró ṣe pàtàkì. Ẹ má jẹ́ kí 2 dojú kọ wíńgà gbalaja. Kó fi ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ kan ṣáájú èkejì, kó fi ara dí ọ̀nà inú pápá kí ọ̀nà ìlà ẹ̀gbẹ́ nìkan lè ṣí sílẹ̀ fún wíńgà yẹn. Ibi tó bá gbà lọ níta kò lè gbá wọlé tààrà. Bó bá gba inú lọ, ojú ilé ló dé yẹn. Ojú rẹ̀ á wà lára bọ́ọ̀lù, kò gbọdọ̀ máa wo ẹsẹ̀ tó ń jó, kò sì gbọdọ̀ kánjú na ẹsẹ̀ sí i.

Bí bọ́ọ̀lù bá wà ní apá kejì pápá ńkọ́? Ibí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù ti máa ń gbàgbé ara wọn. Bí eré bá ń lọ lápá ọ̀tún, 3 tó wà lápá òsì kò gbọdọ̀ máa dúró ti ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń dúró de mọ́tò ní Sàbó. Ó gbọ́dọ̀ sún wọ àárín títí tó fi máa sún mọ́ 5, kí ojú rẹ̀ sì bá ìlà ẹ̀yìn dọ́gba. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù gígùn sí apá tirẹ̀, àkókò á wà fún un láti sáré padà jáde.

Bí bọ́ọ̀lù bá sì wà lẹ́sẹ̀ tiwọn, wọ́n lè gun òkè láti ran wíńgà lọ́wọ́, kí wọ́n sì gbá kúrọ́ọ̀sì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá láti ẹ̀gbẹ́ pápá wá síwájú ilé, wọ éétíìnì. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó gòkè lẹ́ẹ̀kan. Bí 2 bá lọ, kí 3 dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nọ́ńbà 6, ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò jù

Bí ẹ bá ní àkókò láti ṣọ́ ẹnì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ṣọ́ 6. Kì í sáábà jẹ ayò, orúkọ rẹ̀ kì í sì í wà lẹ́nu àwọn ọmọ kéékèèké, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ wà.

Ó ń dúró níwájú 4 àti 5, bíi mítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iṣẹ́ rẹ̀ kìíní ni láti dí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù fi lè dé ọ̀dọ̀ 9 àwọn ẹlòmíì. Nígbà mìíràn kò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kò ní fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ó kàn á wà lójú ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù á wò ó, á sì yíjú padà. Ìyá kan bi bàbá tó dúró tì í ní ẹ̀gbẹ́ pápá pé, “Bọ̀dá, kí ló dé tí ọmọ mi kì í sáré lọ síbi tí bọ́ọ̀lù wà? Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?” Bàbá náà ní, “Ẹ máa wò ó, mà. Bó bá kúrò níbi tó wà yẹn báyìí, wọ́n á gba ojú ẹ̀ kọjá.” Òótọ́ ni. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ lójú ìyá rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ náà kì í pariwo.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni dídí àlàfo. Bí 2 bá gòkè, 6 á sún sápá ọ̀tún kó lè ṣọ́ ibi tí 2 fi sílẹ̀. Bí 3 bá gòkè, á sún sápá òsì. Bí 4 tàbí 5 bá bá atamátàsé jáde, á wọlé sí ààyè ẹni tó jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe 6 gbọ́dọ̀ máa bojú wẹ̀yìn nígbà gbogbo, kó tó gba bọ́ọ̀lù àti lẹ́yìn tó bá gbá a kúrò. Ẹ ka iye ìgbà tó yí orí padà kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá yí i rárá, ẹ óò rí i tí ẹnì kan á yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀ já bọ́ọ̀lù gbà.

Iṣẹ́ kẹta ni pé kó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yìn, kó sì gbá a síwájú kíá. Ẹsẹ̀ méjì, ó pọ̀ jù ẹsẹ̀ mẹ́ta: ọ̀kan láti gbà á, ọ̀kan láti gbá a lọ. Ibi tó wà kì í ṣe ibi tí a ti ń gé ènìyàn. Bí wọ́n bá já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ 11 níwájú, àyè ṣì wà láti tún un ṣe. Bí wọ́n bá já a gbà lẹ́sẹ̀ 6, ilé nìkan ló kù.

Ìgbésẹ̀ keje: Nọ́ńbà 8 àti 10

Nọ́ńbà 8 ni alágbàṣe ẹgbẹ́. Éétíìnì tiwọn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, éétíìnì àwọn ẹlòmíì ló ń parí rẹ̀ sí. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́, òun ni kó kọ́kọ́ sáré tẹ̀ lé ẹni tó gbà á. Bí kúrọ́ọ̀sì bá fẹ́ wọlé, kó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọ éétíìnì, torí pé bọ́ọ̀lù tí àwọn ẹ̀yìn bá kàn jáde sábà máa ń bọ́ sí ẹnu ìlà níbẹ̀.

Nọ́ńbà 10 ni gbogbo ọmọ fẹ́ jẹ́, ó sì yé mi, nítorí ibi tí Jay-Jay Okocha ti dárà nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá àlàfo tó wà láàárín àwọn ẹ̀yìn àti àwọn àárín ẹgbẹ́ kejì, kó gba bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kí ojú rẹ̀ sì ti yí sílé, kó wá fi í ránṣẹ́ sí 9 tàbí wíńgà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kó máa sọ̀kalẹ̀ wá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ 4. Ó ń rí bọ́ọ̀lù lóòótọ́, inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ilé ti jìnnà sí i, kò sì sí ẹni tó wà níbi tó yẹ kó wà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àwọn iwájú

Wíńgà ń dúró fẹ̀ẹ̀ sẹ́bàá ìlà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ wọn, kí àwọn ẹ̀yìn ẹgbẹ́ kejì lè fẹ̀ jìnnà síra, kí àyè sì yọ láàárín. Bó bá gba bọ́ọ̀lù, ọ̀nà méjì ló ní: kó gba ìta lọ gbá kúrọ́ọ̀sì, tàbí kó gé wọnú láti gbá a sílé. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lápá kejì, kó wọ éétíìnì lọ sí òpó tó jìnnà, nítorí pé kúrọ́ọ̀sì tó gùn jù á balẹ̀ síbẹ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, wíńgà ọ̀tún tó wọ 7, jẹ ayò méjì nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria ní òdo nínú ìdíje àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980. Wíńgà tó bá ń wọlé sójú ilé máa ń jẹ ayò. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ìlà títí eré fi parí á kàn máa gbá kúrọ́ọ̀sì.

Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́, wíńgà gbọ́dọ̀ sáré padà wá ran 2 tàbí 3 tirẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn wíńgà àdúgbò kì í fẹ́ gbọ́ èyí rárá.

Atamátàsé, nọ́ńbà 9, ń bá àwọn ẹ̀yìn méjì jìjàkadì láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó kẹ̀yìn sílé gba bọ́ọ̀lù nígbà tí kò sí ará ilé rẹ̀ nítòsí, kó dì í mú títí àwọn ará ilé rẹ̀ á fi dé. Nínú éétíìnì, kó má dúró sójú kan. Kó ṣe bí ẹni ń lọ sí òpó tó jìnnà, kó wá já wọ òpó tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù lójijì. Ẹ wá àwòrán ayò tí Ràṣídì Yẹ̀kínì jẹ sí Bulgaria ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, ayò àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Gbogbo ènìyàn rántí bó ṣe na ọwọ́ gba inú àwọ̀n tó ń sunkún. Ẹ wo ohun tó ṣáájú ẹkún náà: Finidi George, wíńgà ọ̀tún, fi bọ́ọ̀lù sáré, ó gbá a nílẹ̀ kọjá níwájú ilé, Yẹ̀kínì sì ti dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Ó kàn fi ẹsẹ̀ tì í wọlé ni. Olúkúlùkù wà níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ ka ayò kan láti ẹ̀yìn wá síwájú

Bí ayò bá wọlé, ẹ má wo ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹ padà sẹ́yìn títí dé ibi tí bọ́ọ̀lù ti bọ́. Irú ayò kan wà tó wọ́pọ̀ lórí pápá wa, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e.

Nọ́ńbà 2 wa gòkè lápá ọ̀tún, ó ti wọ ìdajì pápá wọn. Nọ́ńbà 8 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń na ọwọ́ pé kó fún òun ní bọ́ọ̀lù. Nọ́ńbà 2 gbójú kúrò lára rẹ̀, ó fẹ́ gé ènìyàn, wọ́n já bọ́ọ̀lù gbà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan gbá a gígùn sí àyè tí 2 fi sílẹ̀, wíńgà òsì wọn sì sáré lé e. Nọ́ńbà 6 wa, tó yẹ kó ti sún sápá ọ̀tún, wà lẹ́nu éétíìnì wọn, ó ń retí bọ́ọ̀lù tó máa fi gbá ọta. Kò sí ẹlòmíì mọ́, nọ́ńbà 4 ní láti fi àárín sílẹ̀ lọ pàdé wíńgà yẹn. Nọ́ńbà 5 sún wá sí ààyè 4, ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n 3 ṣì wà lẹ́bàá ìlà lápá òsì, ó tún jìn sẹ́yìn ju gbogbo wọn lọ. Kúrọ́ọ̀sì wọlé kí 4 tó dé. Aṣọ́lé jáde ní ìdajì, ó dúró. Nọ́ńbà 9 wọn, tó wà láàárín 5 àti ibi tí ó yẹ kí 3 wà, fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú àwọ̀n. 4 nawọ́ sókè pé ọ́fúsáìdì ni, àmọ́ 3 ti gbà á sílẹ̀: ibi tó jìn sí nígbà tí wíńgà gbá kúrọ́ọ̀sì yẹn kò jẹ́ kí 9 wọ ọ́fúsáìdì.

Gbogbo èrò á bú aṣọ́lé. Ó ṣẹ̀ lóòótọ́, ìdajì ọ̀nà kò dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni mo ń dárí wọn, 6 ni màá kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà 3. Gígòkè tí 2 gòkè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n ní kó gòkè ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ni pé ó gé ènìyàn nígbà tí 8 wà nítòsí. Ká ní 6 wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù gígùn yẹn ì bá bá a níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì ti parí sí ẹ̀gbẹ́ pápá.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá gbá a

Lórí pápá kékeré tí wọ́n ti ń gbá a ní méjeméje, ẹ lè lo aṣọ́lé, ẹ̀yìn méjì, àárín mẹ́ta àti iwájú kan. Kò sí 2 àti 3 níbẹ̀, nítorí náà àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín ló ń ṣe iṣẹ́ wọn pọ̀ mọ́ ti wíńgà. Ẹni tó wà láàárín gan-an ni 6 yín, kò sì gbọdọ̀ gòkè bí àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ti gòkè.

Bí ẹ kò bá tíì gbá bọ́ọ̀lù rí, ẹ ní kí wọ́n fi yín sí 2 tàbí 3, nítorí pé ìlà ẹ̀gbẹ́ á máa ràn yín lọ́wọ́: ọ̀nà kan ti dí, apá kan ṣoṣo ni ẹ ó máa wò. Ẹ má gbà kí wọ́n fi yín sí 4, 5 tàbí 6 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìbéèrè méjì péré: “Ta ni mo ń ṣọ́?” àti “Bí mo bá gòkè, ta ló ń bò mí?” Bí kò bá rí ẹni tọ́ka sí fún ìbéèrè kejì, ẹ dúró sẹ́yìn títí di ìgbà tí wọ́n máa fọn fèrè ìsinmi, kẹ́ ẹ tún un bi.